Kí Ó Kúrú, Kí Ó Sì Kún: Àṣẹ Méjì Tí Ń Bá Ara Wọn Jà Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ Kan

Àṣẹ kan wà tí gbogbo ẹni tí ó ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí mọ̀ dáadáa. Alága yóò ní kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, yóò sì fi kún un pé: “Jẹ́ kí ó kúrú gan-an o, ojú ìwé kan péré. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ohunkóhun sílẹ̀.” Akọ̀wé yóò dáhùn pé ó ti gbọ́, yóò jókòó ti fóònù rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyọnu rẹ̀ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n pè ní iṣẹ́ kan, iṣẹ́ méjì ni, èkíní kò sì fi àyè sílẹ̀ fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká. Ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, fóònù ni ọ̀nà tí ìròyìn fi ń dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sí ilé ìpàdé. Ní ọdún 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà fún ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó jẹ́ pé orí fóònù ni àgbẹ̀ tí ó ti forúkọ sílẹ̀ yóò ti gba ìwé àṣẹ láti ra àpò ajílẹ̀ méjì ní ìdajì owó. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí ó yé wa pé gbólóhùn tí a kọ sórí fóònù lè sọ ẹni tí yóò rí ajílẹ̀ gbé délé àti ẹni tí yóò padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí “ojú ìwé kan” ti wá, nítorí kì í ṣe alága ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1985, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Friedhelm Hillebrand, ọ̀kan lára àwọn tí ń ṣètò bí tẹlifóònù alágbèéká yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní ìlú Bonn. Ó ń tẹ àwọn gbólóhùn tí ènìyàn lè fẹ́ fi ránṣẹ́, ó sì ń ka iye lẹ́tà, àmì àti àyè tí ó wà nínú wọn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í kọjá 160. Ó gbà pé 160 tó, òun náà sì ni wọ́n mú lò. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bí gbólóhùn Yorùbá ṣe máa ń gùn tó.

Inú àpótí kékeré kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń rìn. Ojú ihò 1,120 ni ó wà nínú àpótí náà. Lẹ́tà lásán, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń lò, máa ń gba ihò méje. Bí a bá fi méje pín 1,120, 160 ni a ó rí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí kò sí nínú àkójọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe máa ń gba ihò 16. Bí a bá fi 16 pín 1,120, ohun tí ó kù kò ju 70 lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí: ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àkójọ náà. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, nítorí àwọn èdè Yúróòpù kan ń lò wọ́n. É náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe lẹ́tà tí a fi àmì sí nìkan ni yóò gba ihò 16. Bí ẹ kan ṣoṣo bá ti wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo lẹ́tà tí ó kù, títí kan àyè tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀, ni yóò máa gba 16. Lórí fóònù tí ń fi òǹkà hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń kọ̀wé, ojú lásán ni a ó fi rí i: òǹkà tí ń sọ pé àyè 150 ṣì kù yóò ṣàdédé já sí 59. Ẹ tí a tún fi àmì ohùn sí lórí, bí ẹ́ tàbí ẹ̀, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí fóònù máa ń ka lẹ́tà náà sí ọ̀kan, yóò sì ka àmì orí rẹ̀ sí òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá ojú ìwé kan, ìwọ̀nba ihò ni a ó yọ sílẹ̀ láti fi so àwọn ojú ìwé pọ̀, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan yóò fi gba 153 dípò 160, tàbí 67 dípò 70.

Nítorí náà, nígbà tí alága Yorùbá bá sọ pé kí ọ̀rọ̀ kúrú kí ó sì kún, àṣẹ kẹta wà lábẹ́ méjì yìí tí kò fẹnu sọ: kí ó jẹ́ Yorùbá tí ènìyàn lè kà. Ìkẹta yìí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Mọ́níyà ti ra ajílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí alága fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nìyí, bí akọ̀wé tí ó fara balẹ̀ ṣe lè kọ ọ́:

“Ajílẹ̀ NPK ti dé. Ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò gba àpò méjì. Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọgbà ilé-ìpàdé wa. Ẹ mú ìwé owó àti káàdì ọmọ ẹgbẹ́ yín wá. Ẹ má san owó fún ẹni tí ó bá gbé àpò. Ẹ wá pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lè wá kí ó pe akọ̀wé kí ó tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀.”

Kò sí ọ̀rọ̀ àsọdùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú àmì rẹ̀, bí a bá kà á lórí fóònù, 254 ni, ojú ìwé mẹ́rin sì ni yóò gbà. Bí a bá bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, yóò di 242, ìyẹn ojú ìwé méjì. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ yóò san owó ojú ìwé 400 fún ti àkọ́kọ́, yóò sì san ti 200 fún èkejì. Alága ní ojú ìwé kan ni òun fẹ́. Kí ni akọ̀wé yóò ṣe? Yóò bọ́ àmì, yóò gé ọ̀rọ̀, yóò sì gbìyànjú láti má fi ohunkóhun sílẹ̀:

“Ajile ti de. Apo 2 enikookan. Sat 9 aaro, ogba ipade. E mu iwe owo+kaadi. E ma san owo apo gbigbe. E wa pelu oko. Eni ti ko le wa pe akowe ki Jimoo to de.”

Ẹ kà á: 154 ni. Ó wọ ojú ìwé kan, gbogbo kókó méjèèje sì wà níbẹ̀. Alága yóò yìn ín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wé àṣẹ tí wọ́n pa yóò sọ pé akọ̀wé jẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú àgbẹ̀ tí kò sí ní ìpàdé wò ó. “E wa pelu oko.” Kí ni kí ó mú wá? Alága ní ọkọ̀ lọ́kàn, nítorí àpò oníkílò 50 méjì kì í ṣe ohun tí a ń gbé lórí rìn dé abúlé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni ẹni tí ń kà á, ọkọ́ sì ni ohun tí ó súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá ní kí àgbẹ̀ wá sí ọgbà ilé ìpàdé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé pẹ̀lú ọkọ́, ohun tí yóò rò ni pé wọ́n fẹ́ ro àyíká. Obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ sì lè rò pé ọkọ òun ni wọ́n ní kí òun mú dání, kí ó wá fọwọ́ sí ìwé. Kò sí ẹni tí ó ya òpè nínú wọn, nítorí lẹ́tà mẹ́ta yẹn gba gbogbo rẹ̀.

Èyí tí ó tún léwu jù ni “E ma san owo apo gbigbe.” Nínú Yorùbá tí a kọ dáadáa, “ẹ má san” yàtọ̀ sí “ẹ máa san” gẹ́gẹ́ bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Èkíní ń kọ̀, èkejì ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ “máa” di “ma” láti fi lẹ́tà kan pamọ́. Nítorí náà, ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè kà á pé ẹgbẹ́ ti san owó àwọn alááàrù, kí ìdajì yòókù sì mú owó dání láti san. Àwọn alááàrù yóò gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ àwọn kan, wọn yóò sì bá àwọn mìíràn jà. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò pe akọ̀wé kí ó wá sọ ohun tí ó kọ. Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn náà kò yé tó bí ó ṣe yẹ: ṣé ẹni tí kò lè wá ni kí ó pe akọ̀wé, àbí ẹni tí kò lè wá pe akọ̀wé ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nìyí. Nígbà tí àṣẹ méjì bá ń bá ara wọn jà, ẹni tí a rán níṣẹ́ kò lè jẹ́ méjèèjì. Yóò yan ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò fún un láṣẹ láti yàn, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti yàn. Kò ní gé kókó kankan, nítorí pé bí kókó kan bá sọnù, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i. Ohun tí yóò gé ni ohun tí alága kò ní tètè rí: àmì, ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń so gbólóhùn pọ̀, àti lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó ya “má” sọ́tọ̀ kúrò lára “máa”. Alága tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ yóò kà á, yóò sì yé e yékéyéké. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣìnà.

Irú àṣẹ yìí sì máa ń dáàbò bo ẹni tí ó pa á. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá gùn, alága yóò ní, “Ṣebí mo ní kí ó kúrú.” Bí ẹnì kan bá wá láìmú káàdì dání, yóò ní, “Ṣebí mo ní kí o má fi nǹkan kan sílẹ̀.” Ọ̀nà méjèèjì, akọ̀wé ni ó jẹ̀bi. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, bákan náà ni mo rí i lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tí ń kéde òkú: wọ́n á san owó àyè kékeré, wọ́n á sì kó orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àna wá, pé a kò gbọdọ̀ yọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà á wá kéré débi pé àgbàlagbà kò ní lè ka ọjọ́ ìsìnkú. Gbogbo orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkéde náà kò kéde nǹkan kan.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí àwọn baba wa ń ṣe méjèèjì pọ̀? Àrokò kúrú ju àtẹ̀jíṣẹ́ èyíkéyìí lọ, síbẹ̀ odidi ọ̀rọ̀ ni ó ń gbé. Wọ́n sì ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí odidi náà wà. Kò sí nínú ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà, inú ẹni tí a sọ ọ́ fún ni ó wà. Ẹni tí wọ́n pa àrokò sí ti mọ ohun tí ẹyọ owó tàbí ìyẹ́ náà dúró fún kí ìránṣẹ́ tó kúrò nílé. Àlejò tí ó bá rí àrokò kan náà lójú ọ̀nà, òkò àti okùn lásán ni ó rí.

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ wa wà nínú èyí. Ọ̀rọ̀ lè kúrú kí ó sì kún bí a bá ti kó ìkún rẹ̀ sí ibòmíràn ṣáájú: sí ìpàdé tí ó kọjá, sí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, sí orí rédíò, tàbí sí ẹnu akéde. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ti gbọ́ ní ìpàdé pé àpò méjì ni ti ẹnìkọ̀ọ̀kan àti pé ẹgbẹ́ ni yóò san owó alááàrù, “Ajile de, Satide 9 aaro” ti tó. Ẹni tí kò bá kó ìkún náà sí ibikíbi ṣáájú, tí ó sì fẹ́ kí ojú ìwé kan gbé e, ń béèrè ohun tí kò sí.

Bí kò bá sí ìpàdé ṣáájú ńkọ́? A jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ yàn ní gbangba. Ìbéèrè kan ni alága ní láti dáhùn kí ó tó rán akọ̀wé: bí ẹni tí ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ yìí bá dìde nílẹ̀, kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe, kí sì ni ó lè ṣì ṣe? Ohun tí ó bá wọ ìdáhùn náà yóò wà níbẹ̀, a ó sì kọ ọ́ ní kedere. Ohun tí kò bá wọ̀ ọ́, yóò dúró. Ní ti àpẹẹrẹ wa, irú ajílẹ̀ tí ó jẹ́ lè dúró. Ojú àpò ni wọn yóò ti rí i. Ètò ẹni tí kò lè wá náà lè dúró, bí a bá ti sọ ẹni tí yóò bi léèrè. Ibi, ọjọ́, ohun tí yóò mú wá, àti owó alááàrù ni kò lè dúró. Ẹ wo ohun tí ó kù:

“Ajile de. Satide, 9 aaro, ogba ipade. Apo meji fun eni kookan. E mu risiiti ati kaadi wa. Egbe ti sanwo alaaru. E mu moto tabi okada wa. Ibeere: akowe.”

151 ni èyí, lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó fi kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí àmì lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò mú ọkọ́ wá. Akọ̀wé kò kàn bọ́ àmì kúrò. Ó pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò lè dá dúró láìsí àmì. “Ọkọ̀” di mọ́tò, “ìwé owó” di rísíìtì. Dípò tí yóò fi sọ pé kí wọ́n má san, èyí tí “ma” lè yí padà, ó sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀: ẹgbẹ́ ti sanwó. Èyí ni iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa rán akọ̀wé, ó sì ṣeé ṣe nítorí pé ẹnì kan ti gbà pé kókó méjì lè dúró síta.

Àwọn kan yóò ní ayé ti kọjá ibẹ̀, pé Wásáàpù kò ní ojú ìwé, pé ènìyàn lè fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbà pé ohùn dára púpọ̀ fún èdè wa, nítorí pé kò nílò àmì. Ohùn fúnra rẹ̀ ni àmì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó ní fóònù tí ń ṣe Wásáàpù, ìkànnì kì í sì í dé gbogbo oko. Lẹ́yìn náà, àṣẹ méjì yẹn tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀. Wọ́n á ní kí alukoro sọ̀rọ̀ ní ṣókí, kí ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀; yóò kí àwọn àgbà, yóò kí alága, yóò ṣàdúrà, ọjọ́ ìpàdé yóò sì wà ní ìṣẹ́jú karùn-ún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní dé. Ohun tí ó bójú mu ni kí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú pe ènìyàn, kí a sì fi ohùn tàbí ìpàdé ṣàlàyé. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ jẹ́ kí ó gba ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kan sì wà láti mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ ti dára kí ó tó lọ. Kí akọ̀wé má ṣe fi han alága nìkan, nítorí pé alága ti mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Kí ó fi han ẹnì kan tí kò sí ní ìpàdé, kí ó má ṣàlàyé nǹkan kan fún un, kí ó sì bi í pé: ọjọ́ wo ni ìwọ yóò lọ, kí ni ìwọ yóò mú dání, ṣé ìwọ yóò san owó? Bí onítọ̀hún bá kọsẹ̀ lórí ọ̀kan, ibẹ̀ ni kí ó tún ṣe.

Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Àwọn àgbà ti sọ èyí tipẹ́. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí abúlé, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀, ẹ sọ fún akọ̀wé yín èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lé. Bí ẹ bá ní kí ó kúrú, ẹ dárúkọ ohun tí ó lè fi sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ó kún, ẹ san owó ojú ìwé mẹ́rin.